Ọ̀pá ga ní ìlọ́po mẹ́ta, àmọ́ ọjà kò tó bẹ́ẹ̀

Ìbéèrè: Wọ́n fi àwòrán gíráàfù bàtà tí ilé iṣẹ́ wa tà láàárín oṣù mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ọ̀pá oṣù kẹfà ga tó ti oṣù kìíní lọ́nà mẹ́ta, ìlà pupa kan sì tún kọjá lókè rẹ̀. Ṣé ọjà wa ti di ìlọ́po mẹ́ta ni? Kí ni ìlà pupa yẹn ń wí?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọjà lé lóòótọ́, àmọ́ nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ló fi lé. Orí ọ̀pá lẹ kọ́kọ́ wò, ẹ kò wo ìdí rẹ̀.

Irú gíráàfù tó jẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ dá mọ̀. Oríṣi méjì ni wọ́n pa pọ̀ nínú àwòrán tí ẹ fi sọwọ́, ọ̀pá àti ìlà. Bí ẹ bá ti rí ọ̀pá àti ìlà pọ̀ báyìí, ẹ tètè wo ọwọ́ ọ̀tún, torí ó ṣeé ṣe kí òǹkà mìíràn wà níbẹ̀. Ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́: òǹkà apá òsì bẹ̀rẹ̀ láti 40 dé 60, ti apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 8. Àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀ ló sọ ohun tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún: búlúù ni bàtà tí ẹ tà, pupa ni èyí tí àwọn oníbàárà dá padà. Ẹ wá wo lẹ́tà wínniwínni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà kọ̀ọ̀kan. “Ẹgbẹ̀rún” ni wọ́n kọ sí òsì, àmì % ló wà lọ́tùn-ún. Bí ẹ bá fo lẹ́tà yẹn, ẹ ó pe bàtà 52,000 ní bàtà 52.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wọn ọ̀pá náà. Ẹ gbé rúlà lé ojú fóònù. Láàárín 40 àti 45, mìlímítà 10 ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láàárín 45 àti 50 àti àwọn yòókù. Ìyẹn ni pé mìlímítà 10 dúró fún ẹgbẹ̀rún 5. Orí ọ̀pá oṣù kẹfà fi mìlímítà 4 ga ju àmì 50 lọ. Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

```
50 + (4 / 10) x 5 = 52
```

Bí ẹ bá ṣe ti oṣù kìíní bẹ́ẹ̀, 44 lẹ ó rí. Láti 44 sí 52, ẹgbẹ̀rún 8 ló lé, ìyẹn 8 nínú 44. Ibo wá ni ìlọ́po mẹ́ta ti wá? Orí 40 ni ìdí àwọn ọ̀pá náà wà, kì í ṣe orí 0. Ohun tí ojú yín rí ni 4 àti 12. Ẹgbẹ̀rún 40 tó kù ti wọlẹ̀ sábẹ́ àwòrán. Gígùn la fi ń ka ọ̀pá, nítorí náà ẹni tó bá gé ìdí rẹ̀ ti ba ìwọ̀n jẹ́, ì báà jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí ẹ̀rọ ló yàn án fún un. Ti ìlà kò burú tó bẹ́ẹ̀, torí gíga-sókè àti wíwá-sílẹ̀ rẹ̀ là ń wò, kì í ṣe bó ṣe jìnnà sílẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kí ẹ ti ka ìlà pupa. Ní oṣù kẹfà, ó bá àmì 6 dọ́gba: nínú bàtà 100 tí ẹ tà, 6 ló padà wá. Bí ẹ bá ṣèèṣì kà á lápá òsì, ẹgbẹ̀rún 55 lẹ ó rí, ẹ ó sì máa rò pé bàtà tó padà pọ̀ ju èyí tí ẹ tà lọ. Pé ìlà kọjá lórí ọ̀pá kò túmọ̀ sí nǹkan kan níhìn-ín, torí ẹni tó ya gíráàfù ló yan òǹkà méjèèjì. Bí ó bá sọ ti ọ̀tún di 0 sí 20, ìlà náà á wálẹ̀ sínú ọ̀pá, bẹ́ẹ̀ bàtà kan ṣoṣo kò yí padà.

Rúlà yìí ní ibi tí kì í ti í ṣiṣẹ́. Bí òǹkà bá lọ báyìí, 1, 10, 100, 1000, tí àlàfo wọn sì dọ́gba, ìsọdipúpọ̀ ni wọ́n fi tò ó. Àárín gbùngbùn 10 àti 100 níbẹ̀ kì í ṣe 55. Nǹkan bíi 32 ni.

Ẹ má sì gbára lé nọ́ńbà tí ẹ fi rúlà rí jù bó ṣe yẹ lọ. Mìlímítà 1 lójú àwòrán yín jẹ́ bàtà 500, nítorí náà 52,000 yẹn lè fi 500 dín tàbí kó fi 500 lé. Bí ẹ bá fẹ́ iye gan-an, tábìlì tí wọ́n fi ya gíráàfù náà ni kí ẹ béèrè.