Ẹ dáwọ́ àtúntò oṣooṣù dúró: bùrókà ló ń jẹ èrè tí ẹ ń wá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ní nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún náírà nínú ìdókòwò. Mílíọ̀nù mẹ́ta wà nínú ṣíà ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá, mílíọ̀nù méjì wà nínú mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń kọ́ wa nínú gúrúùpù Wásáàpù kan ní kí n máa ṣe ribáláǹsì ní gbogbo ìparí oṣù: kí n ta lára èyí tó gbówó lórí, kí n fi ra èyí tó já wálẹ̀, kí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lè dọ́gba. Ó ní ibẹ̀ ni èrè wà. Mo ti ń ṣe é bọ̀ fún oṣù mélòó kan, n ò rí èrè kankan. Ṣé kí n sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì dáwọ́ ti oṣooṣù náà dúró kí oṣù yìí tó parí. Láti ìgbà tí ọjà ṣíà ti ń ru sókè ni irú ìbéèrè yìí ti ń wọlé sí mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnu kan náà ló sì dà bíi pé ó ń tú gbogbo wọn jáde. Kí n tó sọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn fọwọ́ kan ìdókòwò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun tí wọ́n dì mọ́ yín lórí.

Ribáláǹsì, tí èmi yóò máa pè ní àtúntò, kì í ṣe ọ̀nà àtipa owó. Ẹni tó bá sọ fún yín pé èrè ló wà níbẹ̀ kò mọ ohun tó ń sọ, tàbí kẹ̀ ó mọ̀ tó ń tan yín. Ohun tí àtúntò wà fún ni kí ewu tí ẹ fara mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ má baà di ńlá mọ́ yín lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ pín owó yín sí 60% ṣíà àti 40% mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń yá owó yín jáde fún ìgbà díẹ̀ tí ó sì ń mú èlé wá. Bí ṣíà bá ń wọ́n sí i lọ́dọọdún, tí ẹ kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ lè jí lọ́jọ́ kan kí ẹ bá 80% owó yín nínú ṣíà. Ẹ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjà ló fẹ́ ẹ fún yín.

Àwọn tó dókòwò ní 2008 mọ ohun tí mò ń wí. Ní oṣù kẹta ọdún náà, òṣùwọ̀n gbogbo ṣíà ọjà Èkó wọ 66,000. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ó ti já bọ́ sí nǹkan bíi 20,000. Ẹni tó ní 60% nínú ṣíà jẹyà. Ẹni tó ti jẹ́ kó ga dé 95% torí pé ó ń dùn mọ́ ọn, ilé ẹlòmíràn nínú wọn ò parí di òní. Iṣẹ́ àtúntò nìyẹn: kí ìṣubú tó bá dé má lè gbé yín ṣubú tán. Ó máa ń dín èrè kù nígbà tí ọjà bá ń lọ sókè gbọnrangandan, torí pé ohun tó ń sáré lẹ ń tà. Ní 2023 òṣùwọ̀n náà fi 45% àti díẹ̀ gòkè, ní 2024 ó tún fi 37% àti díẹ̀ gòkè. Ẹni tó ń ta lára rẹ̀ ní gbogbo ìparí oṣù láàárín ọdún méjèèjì yẹn ń gé ẹsẹ̀ ẹṣin tó ń gùn ni.

Ó yá, owó tí ẹ fi ń ṣe é ńkọ́? Ẹ mú kọ́ńtírààtì nóòtì yín jáde, ìyẹn ìwé tí bùrókà, ẹni tó ń bá yín ra ṣíà tó sì ń bá yín tà á, máa ń fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá rà tàbí tí ẹ bá tà. Kọmíṣọ̀n bùrókà lè tó 1.35% iye ọjà. Bí ẹ bá rà, owó SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ṣíà, 0.3% yóò tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá tà, owó NGX, ìyẹn ọjà ṣíà fúnra rẹ̀, 0.3% àti ti CSCS, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó ni ṣíà, 0.3% yóò tẹ̀ lé e. VAT 7.5% tún wà lórí kọmíṣọ̀n àti lórí díẹ̀ nínú àwọn owó wọ̀nyí. Tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, títà ń jẹ ohun tó lé díẹ̀ ní 2%, rírà ń jẹ nǹkan bíi 1.8%. Àwọn bùrókà kan ń gba kọmíṣọ̀n tó kéré sí èyí, nítorí náà ìwé tiyín ni kí ẹ wò, ẹ má gbé ìṣirò mi lé orí bí òfin.

Ká ní lóṣooṣù, ẹ ń ta ₦300,000 nínú mílíọ̀nù mẹ́ta yẹn, tí ẹ sì fi ra àwọn tó já wálẹ̀. Títà rẹ̀ jẹ nǹkan bíi ₦6,300, rírà padà jẹ nǹkan bíi ₦5,300. Ó lé ní ₦11,500 lóṣù kan. Ní ọdún kan, ó ti ń lọ sí ₦140,000, ìyẹn ju 4.5% gbogbo owó ṣíà yín lọ. Ẹ fi wé mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì yín: bó bá ń san 15%, ₦300,000 ni yóò mú wá lọ́dún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ tí ẹ ń fi sanwó fún wàhálà tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe. N kò tíì ka ti pé iye tí olùrà fẹ́ san kì í bá iye tí olùtà ń béèrè mu, pàápàá nínú ṣíà ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí kì í ṣí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ yín bóyá bùrókà kan ń fún un ní nǹkan lórí iye ìgbà tí ẹ bá tà tí ẹ bá rà. N ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni o. Mo ní kí ẹ béèrè ni.

Èyí tó burú jù lọ nínú ìmọ̀ràn náà kò tilẹ̀ sí nínú owó bùrókà. Wọ́n ní kí ẹ máa mú ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá dọ́gba. Àtúntò láàárín ṣíà àti mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì ní ìdí: méjèèjì kì í ṣe irú kan náà, ẹ sì ti pinnu iye tí ẹ fẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń já wálẹ̀ lè máa kú lọ ni. Ní oṣù kẹjọ 2011, ìjọba gba ìwé àṣẹ Afribank, Spring Bank àti BankPHB lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn fún báǹkì tuntun mẹ́ta, Mainstreet, Enterprise àti Keystone. Owó àwọn tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ kò sọnù, ṣùgbọ́n ṣíà àwọn tó ni báǹkì náà di òfo. Ẹ wo ẹni tó ń tẹ̀ lé òfin "ta èyí tó gòkè, ra èyí tó já" lóṣooṣù láti 2008 títí di ọjọ́ yẹn. Gbogbo èrè tó rí lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó dára ló ń kó sínú kòtò kan náà. Bí ṣíà kan bá já, ẹ ka ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ mọ ìdí tó fi já, kí ẹ tó fi náírà kan kún un. Iye owó tó já nìkan kì í ṣe ìdí.

Nísinsìnyí, ìgbà wo ló yẹ? Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tàbí ẹ̀ẹ̀mejì bí ọkàn yín kò bá balẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ kan, bóyá lẹ́yìn tí dífídẹ́ǹdì ọdún, ìyẹn èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ni ṣíà, bá ti wọlé, torí pé owó tuntun á wà lọ́wọ́ yín nígbà yẹn. Wíwò kọ́ ni títà. Ẹ jẹ́ kí ààlà wà: bí ṣíà bá wà láàárín 55% sí 65%, ẹ ti ìwé náà padà sínú dúrọ́ọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi owó yín ṣe é. Ká ní ṣíà yín fi 40% gòkè láàárín ọdún kan, mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì sì san 15%. Mílíọ̀nù mẹ́ta di ₦4,200,000, mílíọ̀nù méjì di ₦2,300,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦6,500,000, ṣíà sì jẹ́ 64.6% rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọdún tí ọjà fi 40% gòkè, tí gbogbo gúrúùpù ń pariwo, kò tíì gbé yín kọjá ààlà. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún kejì, ṣíà á di ₦5,880,000, mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì á di ₦2,645,000, ṣíà á wá jẹ́ 69%. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Láti padà sí 60%, ẹ ó ta nǹkan bíi ₦765,000, owó títà rẹ̀ á sì jẹ́ nǹkan bíi ₦16,000. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún méjì nìyẹn, ẹ fi wé ₦140,000 lọ́dún kan.

Ẹ sì lè má tà rárá. Ẹ padà síbi ọdún kìíní yẹn: bí ẹ bá ní owó tuntun tí ẹ ń fi kún un, ₦500,000 péré tí gbogbo rẹ̀ bá wọ mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì á dá yín padà sí 60% gẹ́lẹ́. Fún ẹni tó ń fi ₦50,000 pamọ́ lóṣù, oṣù mẹ́wàá ni, kò san kọbọ̀ fún bùrókà. Dífídẹ́ǹdì náà wúlò bákan náà: ẹ má fi ra ṣíà tó san án padà bí ṣíà bá ti pọ̀ jù, ẹ darí rẹ̀ síbi tó kéré. Ẹni tó bá ní tírẹ́ṣọ̀rì bíìlì, ìyẹn owó tí èèyàn yá ìjọba fún ìgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún rọrùn ju tiyín lọ, torí pé bí ọjọ́ 91, 182 tàbí 364 rẹ̀ bá pé, owó náà á fúnra rẹ̀ jáde, á wá pinnu ibi tó ń lọ.

Àwọn nǹkan méjì tó lè yí ohun tí mo sọ padà. Bí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ tàbí owó ilé bá kù ọdún kan sí méjì, ẹ má dúró de ààlà, ẹ yọ iye tí ẹ nílò kúrò nínú ṣíà báyìí. Ìkejì ni owó orí. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2026 kan èrè orí títa ṣíà. Iye tí tiyín jẹ́ kò lè fa owó orí yìí, nítorí ìmúkúrò wà fún ẹni tí títà rẹ̀ kò tó ₦150 mílíọ̀nù, tí èrè rẹ̀ kò sì ju ₦10 mílíọ̀nù lọ láàárín oṣù 12. Ẹni tí tirẹ̀ bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ rí amòye owó orí kó tó tà, kó má fi ìdáhùn mi sanwó ìtanràn. Ẹ tún wo ìwé mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì yín, nítorí àwọn kan ń yọ nínú èrè ẹni tó bá kó owó jáde kó tó pé iye ọjọ́ kan.

Fún oṣù yìí, ẹ kó gbogbo kọ́ńtírààtì nóòtì ọdún yìí jọ, ẹ ro iye tí owó ìnáwó inú wọn jẹ́, kí ẹ wo ìdá mélòó ni ó jẹ́ nínú owó ṣíà yín. Bó bá ju 1% lọ, ẹ ti ń tún un tò ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ pe bùrókà, ẹ ní kó sọ kọmíṣọ̀n tó ń gbà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì dúnàádúrà, 1.35% ni òkè rẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ san gbogbo rẹ̀.