Sìgá tí kì í jó

“Ọ̀rẹ́ mi ní Wúsè ní ẹ̀rọ tó ń mú tábà gbóná yìí kò léwu. Ṣé fépù náà ni?”

Rárá o, kì í ṣe fépù. Omi tó ní nikotín, èròjà tábà tó ń di bárakú, ni fépù ń sọ di èéfín. Tábà gan-an ló wà nínú eléyìí: wọ́n á ki igi tábà kékeré bọ ẹ̀rọ, á gbóná dé bíi 350 dígírì, kò ní jóná. Ẹnu sìgá tó ń jó máa ń kọjá 600.

Àwọn tó ń ṣe IQOS, ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ yìí, ní kẹ́míkà olóró inú rẹ̀ fi nǹkan bí 95 nínú 100 dín sí ti sìgá. Ní 2020, ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n sọ pé kẹ́míkà tó ń wọ ara dín kù, ṣùgbọ́n wọn ò gbà kí wọ́n sọ pé àìsàn á dín kù. Ibẹ̀ lọ̀rẹ́ yín ti ṣì í gbọ́. Àwọn olùwádìí kan ní Switisalándì, tí kì í ṣe ara ilé-iṣẹ́ náà, wọ̀n ọ́n ní 2017: nikotín rẹ̀ tó 84 nínú 100 ti sìgá. Ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn láti jáwọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Kúbwà ra ọ̀kan. Ẹ̀rọ wà nínú àpò ọ̀tún, páálí sìgá wà lósì. Tí bátìrì bá ti kú, tí NEPA ò mú iná wá, ìṣáná ló kù.