Ìdí tí ojú tí módẹ́lì AI tún ṣe fi máa ń ní ohun tí kò sí nínú fótò

Ìbéèrè: Mo fi módẹ́lì tún ojú inú fótò àtijọ́ kan ṣe. Ó mọ́ kedere, àmọ́ eyín àti ìpéǹpéjú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni náà. Kí ló fà á?

Ohun tó sọnù kò sí níbẹ̀ mọ́, torí náà ohun tí módẹ́lì ti kọ́ lára ojú àwọn ẹlòmíì ló fi dí àlàfo náà.

Ká ní ojú náà jẹ́ píksẹ́lì 16 ní ìbú àti 16 ní òró, 256 péré ni gbogbo rẹ̀. Tí módẹ́lì bá sọ ọ́ di 512 sí 512, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ti di 1,024 nìyẹn. Ẹyinjú tó wà nínú píksẹ́lì méjì tàbí mẹ́ta kò lè ní irun ìpéǹpéjú kankan. Ojú oríṣiríṣi ló lè di píksẹ́lì 256 kan náà tí a bá sọ wọ́n di kékeré. Èyí tó bá jọ fótò tí wọ́n fi kọ́ módẹ́lì jù ló máa mú. Bí PULSE, módẹ́lì kan tó ń sọ fótò ojú kékeré di ńlá, ṣe sọ fótò Obama di ojú òyìnbó ní 2020 nìyẹn.

Tó bá jẹ́ CodeFormer lẹ ń lò, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú `-w 0.2` àti `-w 0.9`. Nọ́ńbà kékeré ń fún módẹ́lì láyè sí i. Èyí tó tóbi ń so ó mọ́ fótò yín. Ohun tó bá yí padà láàárín méjèèjì, ẹ má gbára lé e. Èyí tí kò yí padà náà kò tíì di ẹ̀rí o, módẹ́lì lè ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì.