Ìlà 9, ojú ìwé 47

"Ẹ̀yin àgbà, mo ní fọ́tò ojú ìwé 200 nínú ìwé tí bàbá bàbá mi fọwọ́ kọ, mo sì ti ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀ tí ẹni tó bá ka gbólóhùn kan á fi mọ fọ́tò tó ti wá àti ìlà tó wà? Ṣé Excel ló dáa ni àbí Word?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ ojú ìwé kankan sí i. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí níbí ní Abẹ́òkúta, lórí ìwé bàbá wa àgbà tó ń ta aṣọ ní Ìtòkú. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é, oṣù márùn-ún nínú rẹ̀ sì wọ omi lọ.

Mo tẹ gbogbo ìwé náà tẹ̀lé ara wọn, mo wá ní kí kọ̀ǹpútà fi nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó fi sí i, inú mi dùn. N kò mọ̀ pé ìlà tí kọ̀ǹpútà ń kà kì í ṣe ìlà tí Bàbá kọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ lójú ewé tèmi ló ń kà. Lọ́jọ́ tí mo sọ lẹ́tà di ńlá kí ìyá mi lè rí i kà, gbogbo nọ́ńbà yí padà. Ohun tí mo ń pè ní ìlà 9 di ìlà 13, bẹ́ẹ̀ mo ti kọ "ìlà 9" sínú lẹ́tà méjì tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹbí.

Bí ìjà ṣe dé nìyẹn. Lójú ìwé 47, Bàbá kọ nípa bàbá tirẹ̀ pé "Baba kọ ile na fun aburo rẹ". Èmi tẹ̀ ẹ́ ní "kọ́", mo fi àmì òkè sí i láìronú, nítorí pé kíkọ́ ilé ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀ka ẹbí kan ní kíkọ ni, pé ó fi ìwé fún àbúrò rẹ̀ ní ilé náà ni. Àwọn kan tún ní kíkọ̀ ni, pé ó ní òun kò gbà kí ilé náà jẹ́ tirẹ̀. Nínú ìpàdé ẹbí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi bi mí léèrè pé: "Ta ló fi àmì yìí sí i, ìwọ ni àbí Bàbá?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi fọ́tò rẹ̀ hàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a. Fóònù méjì la fi ya ìwé náà, àwọn méjèèjì ló sì ń sọ fọ́tò wọn ní IMG_0412, IMG_0413, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo kó wọn sínú fóldà kan, àwọn kan ti gorí àwọn kan, a sì ní láti tún ojú ìwé mélòó kan yà. Línkì tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà ti kú pẹ̀lú, torí pé mo ti gbé fóldà náà kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mo rí i, Bàbá kò fi àmì ohùn kankan sí i. Kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀rọ̀ yẹn nìkan parí ìjà náà. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlà 10, ló là á: "Iwe rẹ mbẹ lọwọ olori ẹbi". Ìwé ló ń sọ, torí náà kíkọ ìwé ló fara jọ ọ́ jù. Ká ní mo ti tọ́jú ìlà náà bí ó ti wà ni, a kò ní jà rárá.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ ìwé àtijọ́ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé nọ́ńbà ojú ìwé ti tó, pé kí n má da ara mi láàmú. Ó gba owó ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi o! Ojú ìwé Bàbá kan ní ìlà bí 30, ọ̀rọ̀ "kọ" sì lè jáde lójú ìwé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹrin. Nọ́ńbà ojú ìwé nìkan kò tó. Ó ṣì ń dùn mí.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni pé ìlà kan tí Bàbá fọwọ́ kọ ni ìlà kan nínú àtẹ, yálà ó gùn tàbí ó kúrú:

```
id|bi_o_ti_wa|kika|foto|xywh
BB1_p047_09|Baba kọ ile na fun abu-|Bàbá kọ ilé náà fún àbúrò|BB1_p047.jpg|310,1240,1850,96
BB1_p047_10|ro rẹ. Iwe rẹ mbẹ lọwọ|rẹ̀. Ìwé rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́|BB1_p047.jpg|310,1338,1850,96
```

Ẹ wo "abu-" àti "ro". Bàbá gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì, èmi náà sì gé e bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wá "aburo" ní abala `bi_o_ti_wa`, ẹ kò ní rí i. Abala `kika` ni mo ti so ó pọ̀, ibẹ̀ náà ni mo ń fi àmì sí, tí mo sì ń sọ "na" di "náà", nítorí Bàbá kọ̀wé ṣáájú àtúnṣe àkọtọ́ ọdún 1974. Èrò tèmi ni abala `kika`. Tí mo bá yí èrò padà, `bi_o_ti_wa` kò ní yí.

Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lábẹ́ `xywh` ń sọ ibi tí ìlà náà wà nínú fọ́tò. Láti igun òkè lápá òsì ni ẹ ti máa kà á: bí ó ṣe jìnnà sí etí òsì, bí ó ṣe jìnnà sí òkè, fífẹ̀ rẹ̀, gíga rẹ̀. Píkísẹ̀lì ni wọ́n ń kà. Ẹni tó bá gé fọ́tò náà, tó sọ ọ́ di kékeré, tàbí tó fi fóònù fi ránṣẹ́ kí fóònù fún un mọ́lẹ̀, ti pa nọ́ńbà yẹn run. Ẹ̀dà ni kí ẹ máa gé, ẹ má fọwọ́ kan ti ìpìlẹ̀. Mo máa ń ṣe èyí lọ́jọ́ tí fọ́tò bá dé:

```
sha256sum BB1_*.jpg > ami.txt
sha256sum -c ami.txt
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń kọ àmì ìdánimọ̀ fọ́tò kọ̀ọ̀kan sínú `ami.txt`. Ìlà kejì ni mo ń lò lóṣooṣù. Bí fọ́tò kan bá ti yí padà, bó ti wù kó kéré tó, ó máa kọ `FAILED` sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ti línkì, ẹ má lẹ àdírẹ́sì gígùn mọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ fáìlì nìkan ni kí ẹ kọ síbẹ̀, kí ẹ kọ àdírẹ́sì fóldà sí ibì kan ṣoṣo lókè. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó ẹrù, ibì kan ṣoṣo lẹ máa tún ṣe.

Ẹ má tún nọ́ńbà ìlà kà láéláé. Mo fo ìlà kan láàárín 8 àti 9 lójú ìwé 112, ó di `08a`, ó tán. Ọ̀rọ̀ etí ìwé a máa jẹ́ `m1`, `m2`.

Ẹ ṣọ́ àmì abẹ́ ẹ àti ọ pẹ̀lú. Àmì róbótó kan wà tó jẹ́ U+0323, igi kékeré kan sì wà tó jẹ́ U+0329. Lójú, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, àmọ́ lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ ni. Àbúrò mi bá mi tẹ ojú ìwé 60, kíbọọ̀dù rẹ̀ sì ń lo igi. Mo wá "ọja" títí, tirẹ̀ kò jáde. Ẹ yan ọ̀kan, kí gbogbo ẹni tó ń bá yín tẹ̀wé lo ọ̀kan náà.

Ní alẹ́ Sátidé, mo máa ń ní kí ọmọ àbúrò mi mú ìlà mẹ́wàá tó bá wù ú nínú àtẹ, kó ṣí fọ́tò wọn fúnra rẹ̀, kó sì fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà láìbi mí ní ohunkóhun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rí mẹ́sàn-án. A kò tẹ ìlà tuntun kan títí a fi mọ ohun tó ṣe ìkẹwàá: mo ti kọ p074 síbi tó yẹ kó jẹ́ p047.