Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí oníbàárà tí aṣọ ẹbí rẹ̀ kò dé lọ́jọ́ àdéhùn

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Aládìrẹ ẹlẹ́kọ ni mí ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo. Ìyá kan ní Ìbàdàn gbé iṣẹ́ aṣọ ẹbí 40 fún mi. Jímọ̀ tó kọjá ló yẹ kó gbà á, òjò ò jẹ́, 22 ló ṣì parí. Mo ti pa fóònù láti ọjọ́ náà. Ìnáwó ìgbéyàwó wọn ku ọjọ́ 12. Kí ni kí n kọ sí wọn?"

Àbúrò mi, tan fóònù náà báyìí. Pe ìyá yẹn, bẹ̀ ẹ́, kó o tó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ó dùn mí pé òun ló ń dá télọ̀ àti ẹbí lóhùn látọjọ́ yìí.

Kó o tó kọ ọjọ́ kankan, ṣírò iṣẹ́ tó kù. Ká ní aṣọ 6 lò ń parí lóòjọ́ nígbà oòrùn, tí òjò sì ń sọ ọ́ di 3: 3 ni kó o fi ṣírò. Aṣọ 18 á gba ọjọ́ 6 nìyẹn. Má fi ìkánjú dín in kù. Ẹ̀kọ tó o fi ya ọnà, bí kò bá gbẹ dénú, á ṣí nínú aró, ọnà á sì dàrú. Fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ṣì rọ̀, kò tíì tó rì.

Kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Jímọ̀ ni mo ṣèlérí, aṣọ ò dé, mo tún pa fóònù. Ẹ̀bi mi ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Òjò ni kò jẹ́ kí ẹ̀kọ gbẹ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n ti sọ fún yín láti Ọjọ́rú. Aṣọ 22 á dé lọ́la, Ìṣẹ́gun, kí télọ̀ lè bẹ̀rẹ̀. 9 á dé ní Jímọ̀, 9 tó kù ní Ajé. Èmi ni mo máa san owó ọkọ̀. Bí ẹ ò bá lè dúró de 18 yẹn, màá dá owó wọn padà."

Tó o bá ti fi owó náà ra aṣọ tẹ́rù, kọ ọjọ́ tó o máa rí i san síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn aládìrẹ kì í fẹ́ sọ: aró tuntun lè má bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Gé aṣọ pélébé kan, rì í, jẹ́ kó gbẹ pátápátá, torí aṣọ tútù máa ń dúdú ju bó ṣe rí lọ. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú 22 yẹn ní ìta gbangba. Bó bá yàtọ̀, ya fọ́tò méjèèjì pọ̀, fi ránṣẹ́ sí ìyá náà, kó lè fún ẹbí ọkọ ní àwọ̀ kan, ẹbí ìyàwó ní èkejì.

Bí alẹ́ Ọjọ́bọ̀ bá lẹ́, tí 9 kò pé, pè é lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó jẹ́ 7 ló parí, kí 7 yẹn wọ ọkọ̀ Ìbàdàn ní ìdájí Jímọ̀.