Iye tá a ná wá oníbàárà àti èrè tá a jẹ lára rẹ̀

Ìbéèrè: À ń gbé gáàsì ìdáná lọ sílé àwọn èèyàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Báwo ni mo ṣe máa fi iye tá a ná wá oníbàárà wé ohun tá à ń rí lára rẹ̀, nínú lẹ́tà mi sáwọn olùdókòwò?

Ìdáhùn: Èrè tó ṣẹ́ kù lára oníbàárà kan títí tó fi máa lọ ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe gbogbo owó tó san.

Ká ní ẹ ná ₦600,000 lóṣù kan lórí ìpolówó, ẹ̀dínwó ìgbà àkọ́kọ́ àti owó oṣù àwọn tó ń wá oníbàárà kiri (owó oṣù yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń fò dá), tí oníbàárà tuntun 200 sì wá. ₦3,000 lẹ ná lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Oníbàárà kan ń san ₦12,000 lóṣù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yọ owó gáàsì, epo ọ̀kadà àti owó ẹni tó ń gùn ún, ₦1,000 ló kù. Bí ìdá 10 nínú 100 bá ń fi yín sílẹ̀ lóṣooṣù, nǹkan bí oṣù 10 lẹnì kan ń lò lọ́dọ̀ yín. Èrè ₦10,000 nìyẹn, ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta ohun tẹ́ ẹ ná, owó tẹ́ ẹ ná lórí ẹni tí kò tíì lọ á sì padà lóṣù kẹta. Ẹni tó bá fi ₦12,000 ṣírò á kọ ìlọ́po ogójì, olùdókòwò tó mọ iṣẹ́ ò sì ní gbà á gbọ́.

Ẹ ṣírò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH lọ́tọ̀, torí wọn kì í rà nígbà ìsinmi. Bí iṣẹ́ yín ò bá tíì pé oṣù 10, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àfojúbù ni iye oṣù tí oníbàárà ń lò lọ́dọ̀ yín.