Kí ni 75D23R ń sọ nípa bátìrì tí ẹ fẹ́ rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá rìwáyà. Kòròlà ni mò ń wà ní Ìbàdàn. Bátìrì inú rẹ̀ ti ń kú, 55D23L ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹnì kan ní Èkó fi fọ́tò òmíràn ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù, ó ní tuntun ni, pé 75 ni, pé ó lágbára ju tèmi lọ. Ohun tí mo rí kà nínú fọ́tò náà ni 75D23R, 12V 65Ah, àti 240823 tí wọ́n tẹ̀ sí ìdérí rẹ̀. Ó ní ọdún 2024 ni wọ́n ṣe é. Ṣé kí n sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó o. Bátìrì náà lè dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọkọ̀ yín. Lẹ́tà R tó gbẹ̀yìn yẹn ló fi hàn.

Bí àwọn ará Japan ṣe ń kọ nọ́ńbà bátìrì nìyẹn, ẹ ó sì rí i lára ọ̀pọ̀ bátìrì tí wọ́n ń tà fún Tòyótà, Họ́ńdà àti Nìsáànì. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti àárín. D ń sọ bí àpótí bátìrì ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe ga tó. Ti D fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17, nígbà tí ti B kò ju nǹkan bíi 13 lọ. 23 ni gígùn rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà náà ni. D23 ni tiyín, D23 ni tirẹ̀, nítorí náà yóò jókòó sí àyè rẹ̀ láìsí wàhálà.

75 iwájú yẹn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, títí kan àwọn tó ń tà á. Kì í ṣe áńpù. Òdiwọ̀n agbára ni, wọ́n pa iná tí bátìrì lè gbé pọ̀ mọ́ bó ṣe lè ta sítátà, wọ́n wá fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dúró fún méjèèjì. Òótọ́ ni pé 75 lágbára ju 55 lọ nínú àpótí kan náà, ótánétọ̀ yín yóò sì lè ṣáàjì rẹ̀ láìsí ewu. Ṣùgbọ́n ẹ má san owó bátìrì 75 áńpù fún un. 65Ah tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó wò tó bá jẹ́ iye iná tó lè gbé lẹ̀ ń wá.

Kódà 65 yẹn, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ 20HR sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ lè máa fa áńpù mẹ́ta àti díẹ̀ láti inú rẹ̀ fún wákàtí 20 kó tó tán. Bí wọ́n bá fi wákàtí márùn-ún péré wọn irú bátìrì yìí, nǹkan bíi 52 ni wọn yóò kọ, nítorí bí ẹ bá ṣe ń fa iná líle tó, bẹ́ẹ̀ ni iye tí ẹ máa rí gbà ṣe ń dín kù. Nítorí náà, bí ẹlòmíràn bá fi fọ́tò èyí tí wọ́n kọ 52Ah 5HR sí ránṣẹ́, ẹ má rò pé ó kéré sí ti ọkùnrin yìí.

Ó wá ku lẹ́tà ìkẹyìn. Ẹ dojú kọ bátìrì kí ẹ̀gbẹ́ gígùn tí orí méjèèjì sún mọ́ wà lọ́dọ̀ yín. Bí pósítíìfù bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, L ni. Bó bá wà lọ́wọ́ òsì, R ni. Mo mọ̀ pé ó dà bíi pé ó yí padà, nítorí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú tó wà níhà pósítíìfù ni àwọn tó ṣe òfin yẹn dúró sí tí wọ́n fi ń sọ ọ̀tún àti òsì. Lóju fọ́tò, ẹ sọ fún un kó yà á láti òkè, kí orí méjèèjì hàn, kó má sì bo ọ̀kankan mọ́lẹ̀. Kámẹ́rà iwájú fóònù lè yí ọ̀tún padà sí òsì, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ tó wà lára bátìrì ṣeé kà. Bí àmì + kò bá hàn dáadáa, orí tó nípọn jù ni pósítíìfù.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé ẹni tó máa bá yín dè é yóò ní kò burú, yóò yí bátìrì náà padà. Bó bá yí i, pósítíìfù yóò bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí méjèèjì yóò ti sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wáyà tí wọ́n gé ní ìwọ̀n L lè má dé ibẹ̀, wọn a wá fi wáyà so mọ́ wáyà, tàbí kí pósítíìfù sún mọ́ irin kó sì kan án. Bí wọn kò bá yí i, tí wọ́n ṣèèṣì de pósítíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù, fíùsì ńlá máa jó, ó sì lè ba ótánétọ̀ jẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ní kó wá 75D23L fún yín.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí rẹ̀ gba sùúrù. 240823 lè jẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2024. Ẹni tó ń tajà mú èyí tó gbè é. Ọ̀nà tí mo máa ń gbà yanjú rẹ̀ ni pé kí n ní kó fi fọ́tò ìdérí bátìrì méjì mẹ́ta mìíràn ránṣẹ́, orúkọ ilé-iṣẹ́ kan náà. Ká ní ọ̀kan nínú wọn jẹ́ 310723: ọdún 2031 kò tíì dé, nítorí náà ọjọ́ ló ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọdún ló gbẹ̀yìn. A jẹ́ pé 2023 ni wọ́n ṣe tiyín. Bó bá jẹ́ 240731 lẹ rí, ọdún ló ṣáájú, ẹni tó ń tajà ló sì sọ òótọ́.

Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà máa ń fi lẹ́tà dúró fún oṣù, A fún oṣù kìíní, wọ́n á sì fi nọ́ńbà kan dúró fún ọdún. C4 jẹ́ oṣù kẹta ọdún 2024, àmọ́ 2014 náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ike ni kí ẹ gbà gbọ́ ju sítíkà lọ, nítorí sítíkà ṣeé pààrọ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún àmì róbótó kan tó ní ọfà láàárín, tó máa ń wà lára ike náà: ìgbà tí wọ́n rọ ike ló ń sọ, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ṣe bátìrì.

Bátìrì tó ti lò ju oṣù mẹ́fà lọ lórí àtẹ láìjẹ́ pé wọ́n ṣáàjì rẹ̀ ti ń jìyà, pàápàá nínú ṣọ́ọ̀bù tó ń gbóná. Ẹ ní kó fi mítà sí i, kó ya fọ́tò mítà àti bátìrì pọ̀. 12.6V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dára. Bó bá jẹ́ 12.4V, iná rẹ̀ ti dín kù tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Kó ṣáàjì rẹ̀, kó jẹ́ kó sinmi mọ́jú, kó tún wọ̀n ọ́n. Bó bá ti wà ní 12.2V tàbí kó kéré sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún un, ì báà jẹ́ L.